Lójú Àlejò Ni A Ti Ń Jẹ Gbèsè: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ará Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

 

Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ kò ṣòro láti pè lórúkọ. Àwọn ọ̀dọ́ Ìlobùú àti Ìfọ́n ń wo Òṣogbo tí kò jìnnà sí wa, wọ́n ń rí i bí ọkọ̀ ti ń wọ́ wọ ibẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ọdọọdún, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè pé kí ló dé tí odò Erinlẹ̀ àti ọdún Òrìṣà Olúfọ́n kò fi ní í máa pe àlejò bẹ́ẹ̀, kí owó lè wọlé, kí iṣẹ́ sì wà. Ìbéèrè tó dára ni, èmi kò sì wá síbí láti pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án, mo sì fẹ́ kí a jọ ṣírò gbèsè náà kí àlejò tó dé, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tó bá lọ tán ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí yóò san án.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo fúnra rẹ̀, nítorí ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Igbó Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń wá wò lónìí kò jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń wò ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Nígbà náà, àwọn àwòrò ti ń fi ojúbọ sílẹ̀, èèwọ̀ ti ń dẹ̀, àwọn kan ń pẹja nínú odò tí a kì í pẹja nínú rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń gé igi tí bàbá wọn kò jẹ́ fi ọwọ́ kàn. Obìnrin òyìnbó kan tó ti Austria wá, Susanne Wenger, ẹni tí wọ́n padà ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló dara pọ̀ mọ́ àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa láti tún ojúbọ wọ̀nyẹn mọ, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì àti amọ̀ mọ ère kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà igbó títí tí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ ibẹ̀ kò fi rí àyè. (Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará Ìlobùú rántí pé òun àti ọkọ rẹ̀ ìgbà náà, Ulli Beier, ti gbé Ẹdẹ àti ìlú yín yìí kí wọ́n tó kó lọ sí Òṣogbo, ó kù díẹ̀ kí ìtàn tí Òṣogbo ń sọ yìí jẹ́ tiyín.) Ní ọdún 1965 ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí ó fi tó 75 hẹ́kítà, ní 2005 àjọ Yunẹ́sikò kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé.

Ẹ ṣàkíyèsí bí nǹkan wọ̀nyí ti tẹ̀ léra. Ààbò ló kọ́kọ́ dé, àlejò ló tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé wọ́n pe èrò wá wo igbó tó ti ṣófo, kí wọ́n wá máa wá owó tí wọn yóò fi dáàbò bò ó. Ọ̀pọ̀ ìlú káàkiri ayé ló ti gba ọ̀nà kejì yìí, tí ilẹ̀ sì ṣú wọn síbẹ̀.

Èmi náà ti lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo rántí ọdún kan tí mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ inú igbó, tí Arugbá ti kọjá pẹ̀lú igbá lórí, tí ìlù ti ń lọ sílẹ̀, tí mo sì rí ìyá àgbàlagbà kan tó to kẹ́ẹ̀gì ike kéékèèké sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ bu omi Ọ̀ṣun lọ sílé. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Ìyá, ọjà á tà o." Ó ní, "Àmín o, ọmọ mi. Ó ń tà, ṣùgbọ́n ojú ló ń rí i, ọwọ́ kò gbà á." Ó wá ṣàlàyé fún mi: ọwọ́ oníṣòwò kan láti Èkó ni òun ti ra kẹ́ẹ̀gì náà ní àwìn, àwọn tó ń gba owó àyè ti gba tiwọn ní òwúrọ̀, ohun tó sì kù sí òun lọ́wọ́ lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan kò ju ẹ̀kún ọwọ́ gààrí lọ. Lọ́wọ́ kan ìyá náà, ọmọkùnrin kan ń ta aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán Ọ̀ṣun, olóòyà iyùn, sí láyà. Nígbà tí mo yí ọrùn aṣọ náà padà, orúkọ orílẹ̀-èdè tí kò sí ní ilẹ̀ adúláwọ̀ rárá ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, Òṣogbo tí à ń pè ní ìlú aró!

Ibi tí èrè ìrìn-àjò afẹ́ ti ń jò nìyẹn, ó sì ṣòro láti rí, nítorí ariwo ọjà ń bo jíjò mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi owó kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ó lè yé tọmọdé tàgbà. Èmi ni mo dá iye rẹ̀, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kà á. Ká ní ọkùnrin kan ti Èkó wá wo ọdún, tó ná 100,000 náírà láàárín ọjọ́ kan. Ó fi 60,000 háyà mọ́tò láti Èkó: onímọ́tò àti elépo ni wọ́n ni ín. Ó fi 15,000 ra aṣọ tí wọ́n tẹ̀ níbòmíràn: èrè ẹni tó tà á fún un kò ju 3,000 lọ. Ó fi 10,000 mu ọtí àti omi inú ìgò: 2,000 ló bọ́ sápò ẹni tó tà á. Ó fi 10,000 jẹ àmàlà pẹ̀lú ẹran àti ẹja: nínú èyí, 7,000 dúró sí ìlú, nítorí àgbẹ̀ ìtòsí ló gbin iṣu, ọmọ ìlú ló gún èlùbọ́, ọmọ ìlú ló sè é. Ó san 5,000 tó kù láti wọlé àti fún ẹni tó mú un kiri, 2,000 sì kan ọmọ ìlú níbẹ̀. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 14,000 péré ló kù nínú 100,000. Bí ó bá jẹ́ pé àdìrẹ tí wọ́n pa láró ní Òṣogbo ni ọkùnrin yìí rà, 12,000 nínú owó aṣọ ìbá kù sí ìlú dípò 3,000, ohun tó kù lápapọ̀ ìbá sì gòkè láti 14,000 di 23,000, láìjẹ́ pé àlejò kan ṣoṣo lé sí i. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá wá sọ́dọ̀ yín pé òun yóò kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ènìyàn wá, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé mélòó ni wọn. Ẹ bi í pé kí ni wọn yóò jẹ, ọwọ́ ta ni wọn yóò ti rà á, ibo ni wọn yóò sì sùn. Àlejò tó sùn mọ́jú ń jẹun alẹ́, ó ń jẹun òwúrọ̀, ó ń fọ aṣọ, ó ń gun ọ̀kadà. Àlejò tó wá ní òwúrọ̀ tó lọ ní ìrọ̀lẹ́, ìdọ̀tí rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń sùn. Fẹ́nísì, ìlú orí omi tó wà ní Ítálì, rí irú àlejò ọ̀sán yìí títí ó fi sú u, ìyẹn ló jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í gba 5 yúrò lọ́wọ́ wọn láwọn ọjọ́ kan ní ọdún 2024.

Mo bọ́ sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wàyí, níbi tí gbèsè náà ti ń wọ ara. Ẹsẹ̀ ènìyàn wúwo ju bí ó ti mọ̀ lọ. Nígbà tí èrò bá tẹ ilẹ̀ igbó, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín erùpẹ̀ á fún jáde, ilẹ̀ á ki bí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, òjò kò ní í rí ibi wọlé mọ́, á sì máa ṣàn lókè, á máa gbé erùpẹ̀ lọ sínú odò. Oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ́ sí kò burú fún òrìṣà, ṣùgbọ́n fún ilẹ̀, inú àkókò òjò ni, ìgbà tí erùpẹ̀ rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà inú igbó ti ń jìyà kò nílò ẹ̀rọ kankan: kí ó wo gbòǹgbò igi bóyá ó ti yọ síta bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ arúgbó, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bóyá ọmọ igi ṣì ń hù níbẹ̀, kí ó fi okùn wọn fífẹ̀ ọ̀nà lọ́dọọdún, nítorí bí ẹrọ̀fọ̀ bá ti wà láàárín, èrò á máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan á sì di títì.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu: ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń ba igbó jẹ́ jù. Ìwọ̀nba ènìyàn tó kọ́kọ́ tẹ ibi tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí ni ó ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú ewéko ibẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun pa mọ́. Nítorí èyí, ẹni tó ń rò pé òun ń ṣàánú igbó nípa fífọ́n èrò ká sí ọ̀nà mẹ́wàá, ọgbẹ́ mẹ́wàá ló ń dá sí i lára. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí wọ́n là, kí wọ́n fi òkúta tàbí pákó tẹ́ ẹ, kí gbogbo èrò sì gba ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ odò tún wá yàtọ̀. Ní ọdún 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó wáyé, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún aráyé pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Omi tí àwọn aláboyún àti àwọn àgàn ti ń mu láti ayé Láróòyè! Kì í ṣe àlejò ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù ní apá òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ló ń fọ erùpẹ̀ sínú omi tó ti Ìgèdè-Èkìtì ń bọ̀ ní mímọ́, títí àwọ̀ rẹ̀ fi di ti ẹ̀kọ ọkà bàbà. Àwọn tó yẹ omi náà wò sì bá májèlé bí òjé àti mákúrì nínú rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí agbára ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé mọ. Ẹ lè ka àlejò, ẹ lè to òkúta sí ọ̀nà, ẹ lè kó gbogbo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ fínnífínní, bí àwọn ará òkè odò kò bá sí nínú ìmọ̀ràn yín, ẹ̀yin àti àlejò yín ni ẹ óò jọ dúró sí etí omi tí ẹnikẹ́ni kò lè fi kan ẹnu.

Kí wá ni irú ìrìn-àjò afẹ́ tí à ń sọ pé ó ń dá ilẹ̀ sí? Ọ̀rọ̀ náà ti di àwúre lẹ́nu àwọn olókòwò. Òtẹ́ẹ̀lì tó bá ti gbin òdòdó méjì sí ẹnu ọ̀nà á kọ ọ́ sára pátákó. Mo fẹ́ fi ibi kan tí wọ́n ti ń ṣe é hàn yín. Ní Rùwáńdà, lórí òkè Fírúńgà, àwọn ìnàkí ńláńlá kan wà tí kò pọ̀ mọ́ láyé. Àlejò tó bá fẹ́ rí wọn á san 1,500 dọ́là fún ìwé àṣẹ. Ènìyàn 8 péré ló lè lọ sọ́dọ̀ agbo kan lójúmọ́, wákàtí kan ṣoṣo ni wọ́n lè lò níbẹ̀, òfin sì ní kí wọ́n má sún mọ́ ẹranko náà jù, nítorí ọ̀fìnkìn tí ènìyàn fi ń húkọ́ lásán lè pa ìnàkí. Láti 2005 ni wọ́n ti ń yọ 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn ìletò tó yí igbó ká, ní 2017 wọ́n sì sọ ọ́ di 10. Wọ́n ń fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń fi kọ́ ilé ìwòsàn. Iye ènìyàn, àkókò, ọ̀nà jíjìn àti ìpín: ohun mẹ́rin wọ̀nyí ni ẹ lè fi dán ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun ń dá ilẹ̀ sí wò. Bí ọ̀kan kò bá sí nínú ìwé rẹ̀, ẹ máa fura. Síbẹ̀ náà, àgbẹ̀ tí ẹfọ̀n jẹ ọ̀dùnkún rẹ̀ lójú oko kò lè fi ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní òdìkejì òkè bọ́ ọmọ; ẹni tí ìyà igbó ń jẹ àti ẹni tí oore igbó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹnì kan náà.

Bí mo ti ń ka òfin Rùwáńdà yìí, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé àwọn bàbá wa ní irú rẹ̀. Èèwọ̀ ni wọ́n pè é. A kì í pẹja níbí, a kì í pa ẹran níbí, a kì í gé igi níbí, ẹni báyìí nìkan ló lè wọ ibí, ọjọ́ báyìí nìkan ni. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Ìbẹ̀rù ni ọlọ́pàá. Ìgbà tí ìbẹ̀rù lọ ni igbó Ọ̀ṣun fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ìtàn ìlú méjì kan sí iwájú yín, nítorí ìlú méjì lẹ̀yin náà. Ní ilẹ̀ Gánà, lẹ́bàá Ńkòránsà, Bóábẹ́ǹ àti Fíémà wà nítòsí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn ìlù ọ̀kan ń dé èkejì. Igbó kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ní, ọ̀bọ ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ọmọ òrìṣà ni àwọn ọ̀bọ náà. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á sin ín bí ẹni sin ènìyàn. Nígbà tí àwọn kan nínú ẹ̀sìn tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀bọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn ará ìlú rí i pé èèwọ̀ nìkan kò tó mọ́. Wọ́n pe ìjọba, ní 1975 ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ sì fi òfin ti èèwọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀bọ pọ̀ sí i, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá, owó àbáwọlé sì di ohun tí ìlú méjèèjì ń pín. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ìpín náà ti fa àríyànjiyàn, nítorí àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn rò pé ọ̀bọ á mọ ààlà.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì yìí di ìjà, tí ìjọba fi kéde kónílé-ó-gbélé. Èmi kò wá dá ẹjọ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àlejò kò ní í wá síbi tí iná ti jó ilé, bí odò ibẹ̀ ti wù kó lẹ́wà tó, àti pé pátákó kan ṣoṣo tí a bá gbé kalẹ̀ ní ààlà tí a kò tíì parí lè dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Erinlẹ̀, ọdẹ tó wọlẹ̀ tó di omi, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣàn kọjá. Ó ń lọ pàdé Ọ̀ṣun, wọ́n sì sé e fún ẹ̀rọ omi lọ́nà, débi pé ohun tí ẹ bá dà sí i níbí, ẹlòmíràn ni yóò bá a nínú ife.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí ọdẹ mẹ́ta láti Ìlobùú àti mẹ́ta láti Ìfọ́n jọ rin etí odò, kí wọ́n ka igi ńlá, kí wọ́n kọ orúkọ ẹyẹ àti ẹranko tí wọ́n bá rí, kí wọ́n sì wọn ọ̀nà tó wọ ojúbọ. Láìsí àkọsílẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí yóò lè sọ lẹ́yìn ọdún márùn-ún bóyá àlejò ti ba nǹkan jẹ́. Kí àwọn àwòrò sọ ibi tí àlejò kò gbọ́dọ̀ dé, kí a má sì bá wọn jiyàn. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà sí omi ní mítà 30 ó kéré tán, kí ó sì wà nílẹ̀ kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé. Kí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ má ju ènìyàn ogún lọ, kí wọ́n sùn ní ilé àwọn ará ìlú, kí wọ́n jẹ oúnjẹ wa, kí ọmọ ìlú méjèèjì sì máa mú wọn kiri ní méjì-méjì, ọmọ Ìlobùú kan, ọmọ Ìfọ́n kan.

Ẹ̀yin Kábíyèsí méjèèjì, Olóbùú àti Olúfọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá wa ṣe èyí tó kẹ́yìn. Kí ẹ pe àwọn amòfin yín, kí ẹ jókòó sábẹ́ òrùlé kan, kí ẹ kọ ìwé ìpín owó náà, kí ẹ sì jọ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Pátákó ìkíni-káàbọ̀ lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.